Ìwọ̀n Ìlò Wákàtí Àwọn Olùdámọ̀ràn Láàárín Oṣù

Àkókò àwọn òṣìṣẹ́ ni iléeṣẹ́ olùdámọ̀ràn ń tà, yálà lórí owó-orí ni o, lórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tàbí lórí ìṣirò owó. Ìwọ̀n ìlò wákàtí ni ìṣirò tó ń fi hàn bí èyí tí wọ́n rí tà ṣe pọ̀ tó. Wọn a kó wákàtí tí oníbàárà yóò sanwó rẹ̀ jọ, wọn a fi wákàtí tó wà nílẹ̀ fún iṣẹ́ lóṣù náà pín in, wọn a sì fi 100 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀. Ìṣirò náà kò le rárá. Ohun tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni wákàtí tó yẹ kí wọ́n kà.

Ẹ jẹ́ ká fi olùdámọ̀ràn kan nílùú Èkó ṣe àpẹẹrẹ, ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025. Ọjọ́ 23 ni oṣù náà ní láti Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì. Bí iṣẹ́ òòjọ́ bá jẹ́ wákàtí 8, wákàtí 184 nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ọjọ́rú ni àyájọ́ òmìnira Nàìjíríà bọ́ sí lọ́dún náà, ìsinmi ìjọba sì ni, nítorí náà ó ku 176. Òṣìṣẹ́ yìí tún gba ìsinmi ọjọ́ méjì, ó wá ku 160. Wákàtí 112 ló fi ṣe iṣẹ́ tí oníbàárà yóò sanwó rẹ̀.

Bí wọ́n bá fi 184 pín in, ìwọ̀n rẹ̀ kò pé 61 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá fi 176 pín in, ó sún mọ́ 64. Bí wọ́n bá fi 160 pín in, ó di 70 géérégé. Ẹnì kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ló ṣe. Èyí tí wọ́n fi 160 pín ń sọ bó ṣe lo àkókò tó fi wà lẹ́nu iṣẹ́, òun ló sì tọ́ láti fi dá a lẹ́jọ́, nítorí kò yẹ kí ìsinmi tó tọ́ síni di ẹ̀sùn síni lọ́rùn. Àwọn méjì yòókù wúlò fún ọ̀gá tó fẹ́ mọ ohun tí owó-oṣù tó san ń mú wọlé. Àfi kí iléeṣẹ́ mú ọ̀kan, kó sì dúró tì í. Ẹni tó bá ń fi oríṣi méjì wé ara wọn kò ní rí òótọ́.

Àwọn mìíràn máa ń fi iye kan náà pín ti gbogbo oṣù. Wọn a sọ wákàtí 40 ọ̀sẹ̀ kan di púpọ̀ pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ 52, yóò di 2,080, wọn a pín in sí oṣù 12, yóò sì fún wọn ní nǹkan bíi 173. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ iṣẹ́ 20 péré ni oṣù Èrèlè ọdún 2025 ní, ìyẹn wákàtí 160. Ẹni tó ta 128 nínú rẹ̀ ti ta ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Lójú ẹni tó fi 173 pín in, kò ju 74 lọ.

Wákàtí tí wọ́n ń pín náà ní wàhálà tirẹ̀. Iṣẹ́ tó wà nínú àdéhùn oníbàárà nìkan ló yẹ kó wọ inú rẹ̀. Ìpàdé inú iléeṣẹ́, ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti kíkọ ìwé láti fi wá iṣẹ́ tuntun kò sí níbẹ̀, bó ti wù kí wọ́n ṣe pàtàkì tó. Ìrìn àjò sí ọ̀dọ̀ oníbàárà sì wà lọ́wọ́ àdéhùn. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi retí iye kan náà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà tó ń wá iṣẹ́ kiri àti ọ̀dọ́ tó ń ṣe é.

Àkọsílẹ̀ tó pẹ́ ló ń ba ìṣirò yìí jẹ́ jù lọ. Ẹni tó dúró di òpin oṣù kó tó kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀, ìrántí ló ń kọ. Bí iye wákàtí ojoojúmọ́ bá ń jẹ́ 8 géérégé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin oṣù, ó yẹ kí alábòójútó béèrè.

Àṣìṣe mìíràn wà nínú ìpíndọ́gba. Ká ní ẹnì kejì ń ṣiṣẹ́ ìlàjì àkókò, ó ní wákàtí 80, ó sì ta 72, ìyẹn 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá da 70 àti 90 pọ̀, tí wọ́n pín in sí méjì, wọn yóò rí 80. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wákàtí tí àwọn méjèèjì tà jẹ́ 184, èyí tó wà nílẹ̀ fún wọn jẹ́ 240. Ìwọ̀n wọn kò pé 77.

Ìwọ̀n tó ga kò sì túmọ̀ sí pé owó wọlé tó bẹ́ẹ̀. Nínú wákàtí 112 ti àkọ́kọ́ yẹn, bí ọ̀gá bá yọ 14 kúrò kó tó kọ ìwé owó, nítorí pé wọ́n tún iṣẹ́ kan ṣe lẹ́ẹ̀mejì, 98 ni oníbàárà yóò sanwó rẹ̀. 70 ni àkọsílẹ̀ yóò ṣì máa sọ. Àfi bí wọ́n bá gbé ìwé owó àti àkọsílẹ̀ wákàtí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lóṣooṣù ni àlàfo náà yóò hàn.