Àkókò ìyọ̀ǹda nínú ìdójútòfò ẹ̀mí

Àkókò ìyọ̀ǹda ni iye ọjọ́ tí àdéhùn ìdójútòfò ẹ̀mí ṣì fi máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí ọjọ́ sísan owó ti kọjá, tí ẹni tó ni ìwé àdéhùn náà kò sì tíì san án. Bí owó náà bá wọlé kí àkókò yìí tó pé, ìdáàbòbò ń bá a lọ bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Bí kò bá wọlé, àdéhùn náà já. Láti ìgbà náà lọ, ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò kò jẹ ẹbí ní owó ikú mọ́, ìbáà jẹ́ pé ogún ọdún ni olóògbé ti fi san owó láìpẹ́ rí. Òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ bí àkókò náà yóò ti gùn tó ní Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dá ẹjọ́ púpọ̀ sílẹ̀.

== Bí a ṣe ń ka ọjọ́ ==

Ọjọ́ 31 ni òfin ìpínlẹ̀ Niu Yọ́ọ̀kì fi sílẹ̀ fún ìdójútòfò ẹ̀mí tí iye owó sísan rẹ̀ kì í yí padà. Láti ọjọ́ sísan ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti ọjọ́ tí lẹ́tà ìránnilétí dé ọwọ́ ẹni.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkùnrin kan tó ní ìdójútòfò onígbà díẹ̀, èyí tí kì í kó owó jọ, fún dọ́là 100,000, tó sì ń san dọ́là 50 lóṣooṣù. Owó oṣù kẹta yẹ kó wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù náà. Káàdì báńkì tó fi ń sanwó ti kọjá ọjọ́ ìlò rẹ̀, nítorí náà owó kò lọ. Àkókò ìyọ̀ǹda rẹ̀ yóò pé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin. Bí ó bá kú ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sanwó fún ẹni tí ó fi jogún. Ohun tí wọ́n lè yọ kúrò ni dọ́là 50 tí kò san, èyí tó fi jẹ́ pé dọ́là 99,950 ni yóò tẹ ẹbí lọ́wọ́. Bí ó bá kú ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, ẹbí kì yóò rí nǹkan kan gbà lábẹ́ àdéhùn náà. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló wà láàárín ikú méjèèjì.

Èyí fi hàn pé àkókò ìyọ̀ǹda kì í ṣe ìdáàbòbò tí a dín kù. Gbogbo owó tó wà nínú àdéhùn ló ṣì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn.

== Ìkìlọ̀ tí kò dé ọwọ́ ==

Kì í ṣe àìlówó nìkan ni ìṣòro. Káàdì báńkì a máa kọjá ọjọ́ rẹ̀, ẹni tó kó lọ sí ilé tuntun a máa gbàgbé láti yí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ padà, arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ń ra a sì máa kó lẹ́tà jọ láìṣí i. Nítorí irú àwọn wọ̀nyí ni ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ṣe ṣòfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2013. Òfin náà sọ àkókò ìyọ̀ǹda di ọjọ́ 60. Ó tún pàṣẹ pé ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́, ó kéré tán, ọjọ́ 30 kí àdéhùn tó já, àti pé ẹni tó ni ìwé lè yan ẹlòmíràn, bí ọmọ tàbí àbúrò, tí ìkìlọ̀ náà yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Lábẹ́ òfin yìí, ọkùnrin tí a mẹ́nu bà lókè ìbá ní títí di ọjọ́ 30 oṣù kẹrin.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan jiyàn pé òfin náà kò kan àwọn ìwé tí wọ́n ti tà ṣáájú ọdún 2013. Ẹjọ́ tó yanjú rẹ̀ dá lórí ìwé ìdójútòfò mílíọ̀nù kan dọ́là tí wọ́n tà ní ọdún 2005. Owó oṣù kìíní ọdún 2013 ni olówó rẹ̀ kò san. Ó kú ní oṣù kẹfà ọdún kan náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Kalifọ́níà dájọ́ pé òfin náà kan gbogbo ìwé tó ṣì wà láàyè nígbà tí òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún yòówù kí wọ́n ti tà á.

== Ìwé tó ní owó nínú ==

Ìdójútòfò títí ọjọ́ ikú yàtọ̀, nítorí pé apá kan nínú owó tí a ń san ń kó jọ sínú ìwé náà. Nígbà kan rí, bí ènìyàn bá fi ọjọ́ kan pẹ́, ilé-iṣẹ́ a gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. Elizur Wright, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà tó tún jà fún òpin òwò ẹrú, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1844. Ó rí àwọn arúgbó tí agbára wọn kò ká owó sísan mọ́, tí wọ́n ń gbé ìwé ìdójútòfò wọn sórí gbàǹjo. Ẹni tó bá rà á yóò máa san owó náà lọ, yóò sì máa dúró de ikú onítọ̀hún. Ìríra ohun tó rí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tó di kọmíṣọ́nà ìdójútòfò ní Masashúsẹ́tì, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin ọdún 1861: ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún owó tó ti kó jọ gbọ́dọ̀ ra ìdáàbòbò fún olówó rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ dọ́là 500 ló wà nínú ìwé, dọ́là 400 yóò ra iye ọdún tó bá tó fún ẹni tó wà ní ọjọ́ orí rẹ̀.

Lónìí, ẹni tí irú ìwé yìí já mọ́ lọ́wọ́ lè gba owó rẹ̀, ó lè gba ìdáàbòbò kékeré tí kì yóò sanwó lé lórí mọ́, tàbí kí ó gba èyí tó tóbi bí ti àtẹ̀yìnwá fún ìwọ̀nba ọdún. Àwọn ìwé kan máa ń yá owó láti inú ara wọn láti fi san gbèsè. Èyí dára fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n èlé ń gorí èlé, nígbà tí gbèsè bá sì bo owó tó wà nínú ìwé mọ́lẹ̀, ìwé náà yóò já bákan náà.

== Ìmúpadàbọ̀ ìwé tó já ==

Òfin Niu Yọ́ọ̀kì fún olówó ìwé ní ọdún mẹ́ta láti bẹ̀bẹ̀ pé kí a jí ìwé rẹ̀ dìde. Yóò san gbogbo owó tó ti jẹ pẹ̀lú èlé, yóò sì fi ẹ̀rí hàn pé ara òun ṣì le. Ibí yìí ni ó ti ń ṣòro jù, nítorí ẹni tí àìsàn àtọ̀gbẹ ti mú lẹ́yìn tí ìwé rẹ̀ já lè gba èsì bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí wọ́n bá sì gbà á, ilé-iṣẹ́ tún ní ọdún méjì tuntun láti yẹ ohun tó kọ sínú fọ́ọ̀mù ìbẹ̀bẹ̀ náà wò, kí wọ́n sì kọ owó sísan bí irọ́ bá wà níbẹ̀.

Pé ilé-iṣẹ́ gba owó tó pẹ́ kò túmọ̀ sí pé ìwé ti jí. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e ni kí a kà dáadáa: bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ ìlera, ìwé náà ti já, owó náà sì wà ní ìdúró. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ bá ti ń gba owó tó pẹ́ léraléra láìsọ nǹkan, ilé-ẹjọ́ lè sọ pé wọ́n ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ wọn láti fa àdéhùn náà já.

== Ní Nàìjíríà ==

Òfin Ìdójútòfò ọdún 2003, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di ọdún 2025, ti sọ ní abala 50 rẹ̀ pé kò sí ìdáàbòbò bí owó kò bá wọlé ṣáájú. Àjọ tó ń mójú tó ìdójútòfò, NAICOM, bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ líle mú un láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2013, nítorí pé títa ìdójútòfò láwìn ti di àṣà tó ń kó gbèsè jọ sọ́rùn àwọn ilé-iṣẹ́. Ẹni tí ìdójútòfò ọkọ̀ rẹ̀ parí lánàá, tí kò sì tíì sanwó tuntun, kò ní ọjọ́ ìyọ̀ǹda tó lè fi sá di ilé-iṣẹ́ bí ọkọ̀ náà bá forí sọ òmíràn láàárọ̀ yìí.