Àkíyèsí Ìyàwòrán

Àkíyèsí ìyàwòrán ni gbólóhùn kúkúrú tí òǹkọ̀wé ń fi sínú àkámọ́ lábẹ́ ìran kan nínú ìwé eré, láti sọ ibi tí fóònù yóò dúró sí, ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti wá àti ìró tí a ó gbà, kí ẹni tí ó ń dá fíìmù yà má baà gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí nìkan.

Bí ìran kan bá jẹ́ ti ìyá alákàrà tí ó ń dá oníbàárà lóhùn ní Arépò, nítòsí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àkíyèsí rẹ̀ lè lọ báyìí: “Aago 7 àárọ̀; fóònù lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kò ga ju àyà lọ; oòrùn lẹ́yìn fóònù; àkàrà 5 nínú agbada; ọ̀rọ̀ ìyá, ẹ tún un gbà ní tòsí ẹnu.” Gbólóhùn ìkẹyìn yìí pọn dandan, nítorí pé ariwo ọkọ̀ akẹ́rù máa ń bo ohùn tí fóònù gbà láti òkèèrè, kò sì rọrùn láti yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn náà. Iye àkàrà ni olùbẹ̀rẹ̀ sábà máa ń fò, bẹ́ẹ̀ bí agbada bá kún nínú àwòrán kan, tí ó sì ṣófo nínú èyí tí ó tẹ̀ lé e, òǹwòran yóò rí i pé ọjọ́ tàbí wákàtí ti yí padà. Èéfín pẹ̀lú lè mú kí ìmọ́lẹ̀ àwòrán máa yí padà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, lórí àìfóònù, a ó tẹ ojú ìyá náà nínú àwòrán mọ́lẹ̀ títí AE/AF LOCK yóò fi hàn.