Ìtọ́jú Irorẹ́ fún Ọ̀dọ́ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀

Irorẹ́ ni wíwú kéékèèké tó máa ń sọ sí ojú, àyà àti ẹ̀yìn, pàápàá láti ìgbà tí ọmọ bá ti ń bàlágà. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í hàn síta. Àpò òróró kékeré kan wà nídìí ihò irun kọ̀ọ̀kan, họ́móònù ìbàlágà ló sì ń mú kí àpò yìí máa tú òróró jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Awọ tó ti kú, tó yẹ kó máa ṣí kúrò nínú ihò náà, a wá lẹ̀ mọ́ òróró, wọn a jọ dí ẹnu ihò pa. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ti ń gbé lára gbogbo wa tẹ́lẹ̀ a rí ibùgbé sínú ibẹ̀, a máa bí sí i. Ara a dìde sí i, ojú ibẹ̀ a pọ́n, a wú, ó sì lè ṣọyún. Láti ọjọ́ tí ihò ti dí títí dé ọjọ́ tí irorẹ́ fojú hàn lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Lára awọ dúdú, ọ̀rọ̀ kì í sì í tán síbi tí irorẹ́ bá rọ: àmì dúdú tó fi sílẹ̀ lè pẹ́ ní oṣù púpọ̀ kó tó parẹ́. Ohunkóhun tó bá ta awọ, tó fi mọ́ oògùn fúnra rẹ̀, lè fa irú àmì bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìtọ́jú tí kò le, tí a sì ń ṣe lójoojúmọ́, ló ń wo irorẹ́ sàn ju èyí tó gbóná janjan lọ.

Ojú fífọ̀ ni ìpìlẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé ìdọ̀tí ló ń fa irorẹ́, wọ́n a sì tọ́ka sí orí dúdú tó máa ń wà lẹ́nu ihò. Àmọ́ dúdú yẹn kì í ṣe ẹ̀gbin. Èròjà tó ń mú awọ dúdú àti òróró tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ sí ló di bẹ́ẹ̀, kànrìnkàn ò sì lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ti tó, láàárọ̀ àti lálẹ́, àti lẹ́yìn tí ọmọ bá làágùn. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ ìfọjú tí kò ní lọ́fínńdà, àti ìka ọwọ́ lásán ni kó lò. Ẹnìkan lè ní ọṣẹ dúdú ni àwọn ìyá wa fi fọ ojú, ojú wọn sì ń dán. Òótọ́ ni pé ọṣẹ dúdú ń fọ nǹkan mọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n omi eérú tí a fi ń sè é ló fún un lágbára, nígbà tí awọ ojú ní ìwọ̀nba ìkan tirẹ̀ tó fi ń dáàbò bo ara. Tí omi eérú bá ń ṣí ààbò yẹn kúrò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, awọ a gbẹ, a máa fà, kò sì ní lè gba oògùn irorẹ́ mọ́ra. Ẹni tí kò ní irorẹ́, tí kò sì lo oògùn kankan, lè má rí ewu nínú rẹ̀. Ti ẹni tó fẹ́ fi oògùn irorẹ́ tó ń jẹ́ bẹnsọ́ìlì pẹrọ́sáìdì pa ojú yàtọ̀.

Bẹnsọ́ìlì pẹrọ́sáìdì ni oògùn tí ọ̀pọ̀ dókítà máa kọ́kọ́ yàn. Tó bá ti wọnú ihò, ó máa ń tú ọ́síjìn sílẹ̀, kòkòrò irorẹ́ ò sì lè fara da ọ́síjìn púpọ̀. Tí a bá lo oògùn apakòkòrò mìíràn pẹ́, kòkòrò a mọ bó ṣe máa yẹra fún un, ṣùgbọ́n a kò tíì rí i pé irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èyí. Nọ́ńbà 2.5%, 5% tàbí 10% ló máa ń wà lára túùbù rẹ̀, ohun tó sì máa ń wá sọ́kàn èèyàn ni pé 10% ló máa yára ṣiṣẹ́ jù. Ìwádìí kan tí Mills, Kligman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní 1986 fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀: 2.5% dín irorẹ́ tó pọ́n kù bíi ti 5% àti 10%, ṣùgbọ́n kò ta ojú, kò sì bó o tó 10%. Ẹni tó bá ra èyí tó le jù, àfikún ìpalára ló fowó rà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ ọdún 15 kan ṣe àpẹẹrẹ, tí irorẹ́ pupa bíi mẹ́wàá wà ní iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ibi kékeré kan ṣoṣo ni kó fi oògùn 2.5% pa, kó mọ̀ bóyá ara rẹ̀ gbà á. Tí kò bá sí nǹkan, kó máa lò ó lálẹ́, ọjọ́ kan yọ ọjọ́ kan, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn tó bá fọ ojú, kó jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kó fún oògùn tó tó hóró ẹ̀wà kan, kó sì fi tẹ́ẹ́rẹ́ pa gbogbo ibi tí irorẹ́ ti máa ń yọ, kó má kàn án lórí irorẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí èyí tó ń bọ̀ ṣì wà lábẹ́ awọ. Kó yẹra fún ẹyinjú, ètè àti ihò imú. Kó wá fi ìpara tí kò lọ́ràá, tí kì í dí ihò ara, pa á lé e. Gbígbẹ díẹ̀ àti títa fẹ́ẹ́rẹ́ kò burú. Tó bá ń jó tàbí tó ń bó, kó dá a dúró títí ara yóò fi balẹ̀, kó wá máa lò ó lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Tí ara bá gbà á, láti ọ̀sẹ̀ kẹta kó di alaalẹ́. Oògùn yìí máa ń ṣí àwọ̀ aṣọ, nítorí náà aṣọ ìrọ̀rí àti táwẹ́ẹ̀lì funfun ló dára jù. Kí túùbù má gbé inú mọ́tò tàbí ojú oòrùn, torí ooru ń bà á jẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fi í sílẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ kẹta, tí wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Ẹ rántí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ìṣáájú: irorẹ́ tó yọ lónìí ti bẹ̀rẹ̀ kí oògùn tó dé, èyí tí oògùn dènà ni a kò sì lè rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá ni ká fi dájọ́. Ẹni tí kò lè dúró ló máa ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń po ìpara lọ́jà. Ìpara bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní sítẹ́rọ́ìdì nínú, irorẹ́ á rọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ojú á sì mọ́lẹ̀, èyí ló ń tan èèyàn jẹ. Tí wọ́n bá lò ó pẹ́, sítẹ́rọ́ìdì fúnra rẹ̀ ló ń fa irorẹ́, awọ a sì fẹ́lẹ́. Tó bá sì jẹ́ iwájú orí nìkan ni irorẹ́ ń yọ sí, ká kọ́kọ́ wo ìpara irun: òróró àti ìpara irun tó ń ṣàn wá síwájú orí máa ń dí ihò níbẹ̀.

Ìtọ́jú ilé ní ààlà. Bí ojú tàbí ètè bá wú, tàbí tí mímí bá le lẹ́yìn tí ọmọ lo oògùn, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni. Kó lọ kíákíá bí irorẹ́ bá dé lójijì pẹ̀lú ibà àti oríkèé ríro. Kó má dúró de ọ̀sẹ̀ méjìlá bí kókó líle tó ń dùn bá wà lábẹ́ awọ, tàbí bí irorẹ́ ti ń fi ihò àti àpá sílẹ̀, torí àpá tó ti jinlẹ̀ kò ṣeé fi ìpara mú kúrò. Ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò dọ́gba, tí irun sì ń hù lágbọ̀n rẹ̀, nílò àyẹ̀wò họ́móònù. Ọmọ tó ti ń sá fún ilé ẹ̀kọ́ nítorí ojú rẹ̀ náà yẹ kó rí dókítà, irorẹ́ ìbáà kéré. Àwọn òbí kan máa ń ní ìbàlágà ni, yóò lọ fúnra rẹ̀. Ó lè lọ lóòótọ́. Ohun tó bá fi sílẹ̀ sójú ni kò dájú pé yóò bá a lọ.