Tábìlì Irin Gbígbé fún Ọ̀sẹ̀ Kan: Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí Ìwọ̀n Pọ̀ Sí i?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ sí jíìmù ló ń gbé irin bó bá ṣe wá sí wọn lọ́kàn. Lónìí apá, lọ́la àyà, irin tí ọwọ́ bá sì kọ́kọ́ bà ni wọn yóò gbé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè lo odidi ọdún kan láìsí pé ìwọ̀n tó ń gbé yí padà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Thomas DeLorme, tó jẹ́ dókítà ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara pa ní Ṣikágò nípa mímú kí irin tí wọ́n ń gbé máa wúwo sí i díẹ̀díẹ̀. Ọdún 1945 ló kọ̀wé nípa rẹ̀, orí ìlànà yìí náà sì ni tábìlì ìsàlẹ̀ yìí dúró lé.

Nínú tábìlì náà, "ìgbà" ni iye tí ènìyàn yóò gbé irin láìdánu dúró. "Ọ̀wọ́" ni àkójọ àwọn ìgbà wọ̀nyí, tí ìsinmi wà láàárín ọ̀kan sí èkejì.

| Ọjọ́ | Eré ìdárayá | Ọ̀wọ́ | Ìgbà | Ìsinmi |
|---|---|---|---|---|
| Ajé | Ìlóṣòó pẹ̀lú irin léjìká | 3 | 5 | ìṣẹ́jú 3 |
| | Títi irin sókè lórí ìdùbúlẹ̀ | 3 | 5 | ìṣẹ́jú 3 |
| | Gbígbé irin nílẹ̀ | 1 | 5 | – |
| Ọjọ́rú | Ìlóṣòó | 3 | 5 | ìṣẹ́jú 3 |
| | Títi irin sókè orí ní ìdúró | 3 | 5 | ìṣẹ́jú 3 |
| | Fífa irin mọ́ ikùn ní ìbẹ̀rẹ̀ | 3 | 8 | ìṣẹ́jú 2 |
| Ẹtì | Bíi ti ọjọ́ Ajé | | | |

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, iṣẹ́ Ọjọ́rú ni yóò bọ́ sí ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì, kí iṣẹ́ méjèèjì lè máa gba ipò ara wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀wọ́ gbígbé irin nílẹ̀, nítorí pé ó ń rẹ ẹ̀yìn gidigidi, ìlóṣòó sì ti rẹ ẹ́ ṣáájú.

Ká ní ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ ìlóṣòó pẹ̀lú kílò 40, ìwọ̀n tó lè gbé láìwáyà. Ní gbogbo ọjọ́ tó bá parí ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní pípé, yóò fi kílò 2.5 kún un ní ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e: 40 lọ́jọ́ Ajé, 42.5 lọ́jọ́rú, 45 lọ́jọ́ Ẹtì. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ti dé 67.5. Gbígbé irin nílẹ̀ lè gba àfikún kílò 5 ní ìbẹ̀rẹ̀. Ti apá ló máa ń tètè dúró, nítorí náà ẹni tó bá rí irin kéékèèké rà, kó máa fi kílò 1.25 péré kún un.

Ọjọ́ kan yóò sì dé tí kò ní pé. Ní kílò 70, ọkùnrin yìí ṣe ìgbà 5, ó tún ṣe 5, ó wá dúró sí 3. Kó tó dá irin lẹ́bi, kó wo aago rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré ló sinmi, ìsinmi ló kéré: agbára tí iṣan ń lò fún irin wúwo nílò ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kó tó padà. Ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ ni pé ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ rọrùn, tí ìkẹta sì já lójijì. Bó bá jẹ́ ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ gan-an ló nira, kó bi ara rẹ̀ nípa oorun àti oúnjẹ.

Bó bá sinmi dáadáa síbẹ̀, kó gbé kílò 70 náà lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Bó bá kùnà ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta léraléra, kó yọ ìdá mẹ́wàá kúrò. Èyí jẹ́ 63, ṣùgbọ́n 62.5 ni irin tó wà yóò gbà. Láti ibẹ̀, ọjọ́ kẹrin ni yóò tún dé 70, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì máa ń kọjá rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ ṣe é, torí wọ́n rò pé ìtìjú ni kí irin fúyẹ́. Bó bá tún dúró síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, tábìlì yìí ti tó fún un: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kó máa fi kún ìwọ̀n nígbà náà, kó sì jẹ́ kí iṣẹ́ Ọjọ́rú fúyẹ́.

Kí ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ara gbọ́dọ̀ gbóná. Fún kílò 70, ọ̀pá òfìfo kílò 20 lẹ́ẹ̀marùn-ún, 40 lẹ́ẹ̀marùn-ún, 55 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 65 lẹ́ẹ̀kan ti tó.

Ìrora iṣan tó máa ń wá ní ọjọ́ kejì tí yóò sì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ kì í ṣe ewu. Èyí tó bá gún ènìyàn lójijì ní orúnkún, èjìká tàbí ẹ̀yìn nígbà tí irin wà lọ́wọ́ yàtọ̀. Kí ẹni náà gbé irin sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó fọwọ́ kan ọ̀pá, nítorí pé mímú èémí dúró lábẹ́ ẹrù wúwo ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sókè lójú ẹsẹ̀.