Owó tí báńkì yọ, èlé, àti owó tó wọlé láìsí nínú ìwé akápò

Bí oṣù bá parí, ẹni tó ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ tàbí ilé-iṣẹ́ a gba sítétímẹ́ǹtì lọ́wọ́ báńkì, a sì fi wé ìwé owó tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ. Iye tó ṣẹ́kù nínú méjèèjì kì í sábà dọ́gba. Nígbà mìíràn, akápò ti kọ ohun tí báńkì kò tíì rí, bí owó tó gbà ní ìpàdé Sátidé tí kò lè san sí báńkì títí di Mọ́ńdè. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, báńkì ló ti ṣe ohun tí akápò kò mọ̀. Àyọkà yìí dá lórí irú kejì yìí: owó iṣẹ́ tí báńkì yọ, èlé tó san, àti owó tí ẹlòmíràn san tààrà sínú àkáǹtì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, báńkì kò ṣìṣe. Ìwé owó ni kò pé, òun náà ni a gbọ́dọ̀ tún ṣe.

Ìyàtọ̀ yìí ló ń darí gbogbo iṣẹ́ náà. Ohun tí akápò ti kọ ṣùgbọ́n tí báńkì kò tíì rí, lára iye sítétímẹ́ǹtì la ti ń fi kún un tàbí yọ ọ́, lórí ìwé ìfiwéra nìkan. Kò sí ohun tí a ó tún kọ sínú ìwé owó, nítorí ó ti wà níbẹ̀. Àmọ́ ohun tí báńkì ti ṣe tí akápò kò tíì kọ, inú ìwé owó gan-an ló gbọ́dọ̀ wọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá yọ owó iṣẹ́ báńkì kúrò lára iye sítétímẹ́ǹtì ti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí báńkì ti yọ tirẹ̀ kó tó tẹ ìwé náà jáde.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nílùú Ìbàdàn, tó ní àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì. Àpẹẹrẹ ni ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n owó báńkì tó wà níbẹ̀ ni èyí tó wà lójú òfin Nàìjíríà ní ọdún 2024. Ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún náà, ìwé akápò fi hàn pé ₦842,500 ló yẹ kó wà ní báńkì. Sítétímẹ́ǹtì sọ pé ₦872,793.75 ló wà níbẹ̀. Akápò mọ̀ pé òun gba ₦40,000 lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 29, tí kò dé báńkì títí di Mọ́ńdè, ọjọ́ kìíní oṣù Keje. Bí a bá fi ìyẹn kún iye báńkì, ó di ₦912,793.75. Ìwé akápò fi ₦70,293.75 kéré sí i. Ibo ni ìyókù ti wá?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tí báńkì yọ. Láti oṣù kìíní ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti fi òté lé iye tí báńkì lè gbà lórí tiránsífà: ₦10 bí owó náà kò bá ju ₦5,000 lọ, ₦25 títí dé ₦50,000, àti ₦50 lórí ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Owó orí tí sítétímẹ́ǹtì ń pè ní VAT tún wà lórí owó iṣẹ́ náà, ìdá méje àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Lóṣù yẹn, ẹgbẹ́ fi tiránsífà san ẹ̀yáwó ₦200,000 ₦200,000 fún ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta. Tiránsífà kọ̀ọ̀kan gba ₦50 pẹ̀lú VAT ₦3.75, àpapọ̀ ₦161.25. Owó ìtọ́jú àkáǹtì tún wà, èyí tí báńkì ń gbà lórí àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì, náírà kan lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan tí oníbàárà bá san jáde fún ẹlòmíràn. ₦600,000 ló jáde, nítorí náà ₦600 ni, pẹ̀lú VAT ₦45, ó di ₦645. Ohun tó máa ń rú akápò lójú ni pé owó ìtọ́jú yìí kì í sábà jáde lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú tiránsífà tó fà á. Ìparí oṣù ni wọ́n máa ń kó o pọ̀, tí yóò dà bí owó tí kò ní orírun. Ẹni tó bá ṣírò iye tó jáde lóṣù náà yóò mọ iye tó yẹ kí báńkì gbà kó tó wo ohun tí wọ́n gbà.

Ti èlé kò pọ̀ lójú ìwé, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan nínú tó yẹ ká dúró lé. Ẹgbẹ́ náà ti fi ₦730,000 sí fíìsì fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ìyẹn jẹ́ ₦200 lójúmọ́, ₦18,000 lápapọ̀. Ṣùgbọ́n ₦16,200 ló wọ inú àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì, nítorí báńkì ti yọ ìdá mẹ́wàá owó orí, ₦1,800, kó tó san èlé fún ẹni tó ni ín. Ọ̀pọ̀ akápò á kọ “èlé, ₦16,200”, ìwé á sì dọ́gba. Àmọ́ kì í ṣe ₦16,200 ni èlé. ₦18,000 ni, nínú èyí tí ₦1,800 ti lọ sọ́dọ̀ ìjọba lórúkọ ẹgbẹ́. Ó yẹ kí ìwé sọ méjèèjì, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí owó orí náà lọ́wọ́ báńkì, nítorí bí àǹfààní bá wà láti fi gé owó orí mìíràn kù tàbí láti gbà á padà, ìwé ẹ̀rí ni ìjọba yóò béèrè.

Owó tó wọlé tààrà ló le jù, nítorí owó iṣẹ́ àti èlé ní olówó, èyí kò sì ní títí a ó fi wá a rí. Méjì ló wà lóṣù náà, ₦20,000 àti ₦35,000. Àkọ́kọ́ rọrùn: orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àti “savings June” ló wà lára rẹ̀. Ìkejì wá láti ọ̀dọ̀ oní-POS kan. Ọmọ ẹgbẹ́ gbé owó lọ bá a, oní-POS fi í ránṣẹ́ láti inú àkáǹtì tirẹ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìkan ló sì jáde lójú sítétímẹ́ǹtì. Owó náà ti wà lápò ẹgbẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ti ta ni.

Irú owó yìí kì í ṣe owó tó wọlé fún ẹgbẹ́, bó ti wù kó pẹ́ tó níbẹ̀. Gbèsè ni, ẹgbẹ́ jẹ ẹnì kan tí a kò tíì mọ̀. Inú àkáǹtì ìdádúró la ń kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ọjọ́, iye àti ohun tí sítétímẹ́ǹtì kọ sí i, tí a ó sì máa wá olówó rẹ̀. Bí akápò bá fẹ́ béèrè nínú ẹgbẹ́ Wásáàpù, kó má ṣe dárúkọ iye owó. “Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó bá sanwó lọ́dọ̀ oní-POS lóṣù tó kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi rìsíìtì yín ránṣẹ́ sí mi.” Ẹni tó bá ní rìsíìtì ni yóò sọ iye àti ọjọ́. Lórí rìsíìtì tiránsífà láti báńkì kan sí òmíràn, nọ́ńbà ọlọ́gbọ̀n ẹyọ wà tí wọ́n ń pè ní Session ID. Òun ni báńkì fi ń tọpa owó, kò sì sí tiránsífà méjì tó ní irú kan náà. Nígbà tí olówó bá yọjú, ó lè sọ pé ₦20,000 nínú rẹ̀ jẹ́ àsanpadà ẹ̀yáwó, ₦15,000 jẹ́ ìfowópamọ́. Akápò kò gbọ́dọ̀ pín in fúnra rẹ̀ kó tó béèrè.

Lórí owó méjèèjì tó wọlé tààrà, báńkì tún yọ ₦50 ₦50. Lójú sítétímẹ́ǹtì, EMTL ni wọ́n kọ sí i: owó ìjọba tó wà nínú òfin ìṣúná ọdún 2020, lórí owó tó bá gba ọ̀nà ẹ̀rọ wọlé tó tó ₦10,000 sókè, tí ẹni tó gbà á ń san nígbà náà. Ibí yìí ni wọ́n ti lè rẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ jẹ láìmọ̀. Akápò tó bá rí i pé ₦19,950 ló kù nínú ₦20,000 lè kọ ₦19,950 sínú ìwé ọmọ ẹgbẹ́. Iye báńkì á dọ́gba rẹ́gí, ṣùgbọ́n ₦20,000 ni onítọ̀hún san. ₦20,000 ni kí a kọ fún un, kí ₦50 di ìnáwó ẹgbẹ́, àyàfi bí ẹgbẹ́ bá ti fẹnu kò pé ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò máa gbé e.

Ní báyìí, ìwé owó lè pé. ₦842,500, pẹ̀lú èlé ₦16,200 tó dé ọwọ́, pẹ̀lú ₦55,000 tó wọlé tààrà, dín owó tí báńkì yọ: ₦161.25, ₦645 àti EMTL ₦100, àpapọ̀ ₦906.25. Ó di ₦912,793.75, iye kan náà tí ọ̀nà ti báńkì fún wa. Ẹ̀yin náà rí i pé ẹni tó bá kàn kọ “àfikún láti báńkì, ₦70,293.75” yóò dé ibi kan náà. Ìwé rẹ̀ á dọ́gba, kò sì ní sí èyí tó tọ́ nínú rẹ̀: èlé kò sí níbẹ̀, ìnáwó kò sí níbẹ̀, owó ọmọ ẹgbẹ́ méjì ti dà pọ̀ mọ́ ti ẹgbẹ́.

Bí ìwé kò bá dọ́gba lẹ́yìn gbogbo èyí, iye tó fi yàtọ̀ máa ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ₦1,812.50, ẹ pín in sí méjì: ₦906.25 ni. Ẹnì kan ti fi owó iṣẹ́ kún un dípò kó yọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ₦20,000 géérégé, ẹ wò ó bóyá akápò ti kọ owó náà nígbà tí àlàátì dún lórí fóònù, tó sì tún kọ ọ́ nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ mú rìsíìtì wá sí ìpàdé. Àṣìṣe kejì yìí wọ́pọ̀ gan-an.

Ó sì lè jẹ́ báńkì ló gbà jù. Ká ní owó ìtọ́jú àkáǹtì jẹ́ ₦1,290 dípò ₦645. A kò ní kọ ₦645 tó lé gẹ́gẹ́ bí ìnáwó. Àṣìṣe báńkì ni, ẹ̀gbẹ́ ti báńkì ló sì wà lórí ìwé ìfiwéra, oṣù dé oṣù, títí wọ́n yóò fi dá a padà. Ẹgbẹ́ yóò kọ̀wé sí báńkì, yóò sì so ìṣirò náà mọ́ ọn: iye tó jáde, òṣùwọ̀n tó wà lójú òfin, iye tí wọ́n gbà. Bí báńkì kò bá yanjú rẹ̀, ẹ̀ka tó ń gbèjà oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀ ni ó kàn, ìwé tí wọ́n ti kọ sí báńkì àti ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ sì ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè níbẹ̀.