Ìṣẹ́jú Mẹ́rin fún Ìyá Àgbà

A ti sin ìyá tó bí màmá mi, àlejò ti jẹun, wọ́n ti lọ. Ẹ ṣeun tí ẹ bá wa ṣe é. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn kan nínú yín bi mí pé báwo ni mo ṣe kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn tí mo kà lálẹ́ àìsùn, tí kò gùn, síbẹ̀ tí ojú Ìyá ń yọ nínú rẹ̀. Mo ní kí n kọ ọ́ síbí, torí ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ìdílé wa nìkan. Ìtàn ìlú wa wà nínú rẹ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èyí tí mo kọ́kọ́ kọ kò dára. Ojú ìwé mẹ́sàn-án ni. Mo kọ ọ́ pé aláàánú ni wọ́n, onísùúrù ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn gbogbo ènìyàn. Mo kà á fún àǹtí mi, tó jẹ́ àbíkẹ́yìn wọn. Nígbà tí mo máa fi dé ojú ìwé kejì, wọ́n ní, "Dúró ná. Ìyá ta nìyẹn? Màámi ò ní sùúrù rárá. Tó o bá jẹ wọ́n lówó ẹja, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ." A jọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Gbogbo ohun tí mo kọ, èèyàn lè kà á lórí òkú ìyá ẹlòmíràn, kó sì bá a mu. Ni mo bá ya á, mo tún un bẹ̀rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo wá ni ọdún tí wọ́n bí wọn. Wọ́n ti tẹ ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé márùn-ún sórí pátákó ìsìnkú. Ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é: bí àgbà bá ti pẹ́, a óò máa fi ọdún kún ọdún fún un, a rò pé ọlá ni. Ìyá kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, àmọ́ wọ́n máa ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rí sì wà nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Wọ́n máa ń sọ pé nígbà tí ogun Hítílà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń pọn àbúrò wọn. Ọdún 1939 ni ogun yẹn bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin tó lè pọn ọmọ yóò tó bí ọmọ ọdún méje, a jẹ́ pé nǹkan bí ọdún 1932 ni wọ́n bí wọn. Mo tún fi nǹkan mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò. Àkọ́bí wọn wà nínú àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ iléèwé ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ẹ rántí pé ìpínlẹ̀ Èkó kò tíì sí nígbà náà. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni Ọ̀jọ́ àti gbogbo agbègbè Àgbádárìgì wà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Awólọ́wọ̀ fi kàn wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó gan-an ò jìnnà sí wa. Ọmọ ọdún mẹ́fà ló ń wọ kíláàsì kìíní, a jẹ́ pé Ìyá bí àkọ́bí wọn ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó bá ara mu.

Ẹ̀rí kẹta ló wá parí ẹjọ́. Àǹtí mi yìí, ọ̀sẹ̀ tí mọ́tò kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún ni wọ́n bí wọn. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 nìyẹn, gbogbo Nàìjíríà ló mọ̀ ọ́n. Ọdún 2024 ni Ìyá sùn. Bó bá jẹ́ pé ọdún márùnlélọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n lò, a jẹ́ pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ló bí àǹtí mi. Ó ṣòroó gbà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 1932, ẹni ogójì ọdún ni wọ́n. Mo gbé ìṣirò yìí lọ bá ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin, tó sanwó pátákó. Inú wọn ò kọ́kọ́ dùn. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ dín ọjọ́ orí ìyá àwọn kù ni. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún tó jẹ́ tiwọn lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká fi í yẹ́ wọn sí." Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní kí n kà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí pátákó máa wà bó ṣe wà.

Ohun kejì tí mo wá ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Tá a bá kọ "oníṣòwò pàtàkì ni wọ́n", a ò tíì sọ nǹkan kan. Kí ni wọ́n tà? Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ti rà á? Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà gbé e lọ? Mo lọ bá ìyá kan tí wọ́n jọ yan ẹja nígbà èwe, mo jókòó tì wọ́n ní ọ̀sán kan. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ kún ìwé ju ohun tí mo mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi lọ.

Ìkẹta, mo wá ohun kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ sí wọn, tí ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n rí fi lè mọ̀ wọ́n. Inú àpótí wọn ni mo ti rí i. Ẹ ó rí i nínú ohun tí mo kà. Ẹ jẹ́ kí n dá a kọ síbí bó ṣe rí:

"Ẹ̀yin èèyàn wa, ìyá tá a fẹ́ sin lọ́la, a gbà pé nǹkan bí ọdún 1932 ni wọ́n bí wọn nílùú Ọ̀jọ́ yìí. Ogun Hítílà bá wọn lẹ́ni tó ń pọn àbúrò. Ẹja yíyan ni wọ́n fi tọ́ wa.

"Ní ìdájí, wọ́n á dúró létí omi de àwọn apẹja. Wọ́n á yọ ìfun ẹja, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi iyọ̀ ra á, wọ́n á ká a kò, wọ́n á fi igi ìgbálẹ̀ gún un kó má baà tú. Wọ́n á tò ó sórí wáyà, wọ́n á fi igi dáná, tó bá yá wọ́n á bu èèpo àgbọn sí i kí èéfín lè pọ̀, kí iná má sì jó. Wọ́n ní ẹja tí iná jó, ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú, inú rẹ̀ á tutù, kò ní pé ọjọ́ mẹ́ta tó máa fi ní ìdin. Torí náà wọn kì í sùn títí wọ́n á fi yí gbogbo rẹ̀ padà.

"Kí títì Èkó sí Àgbádárìgì tó dé, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé agbọ̀n ẹja lọ sí Èkó. Nígbà tí wọ́n la títì náà lẹ́yìn ọdún 1970, wọ́n bọ́ sínú mọ́tò. Nígbà tí Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ níbí lọ́dún 1983, wọ́n ní kí ni wọ́n tún ń wá lọ Èkó, nígbà tí Èkó ti wá bá wọn nílé. Wọ́n gbé àtẹ lọ sí Ìyànà-Ìbà. Owó ẹja yẹn ló rán ọmọ mẹ́fà níléèwé.

"Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun Bùhárí yí owó padà. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún pàṣípààrọ̀. Inú agolo tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ni Ìyá ń kówó sí, wọn ò sì sọ fún ẹnì kankan. Kí wọ́n tó gbọ́, kí wọ́n tó hú u, kí wọ́n tó rí ibi tí èrò ò ti pọ̀ jù, ọjọ́ ti pé. Owó ọdún mélòó kan di bébà. Wọn ò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n lọ gba ẹja àwìn létí omi, wọ́n dáná.

"Láti ìgbà náà, wọn ò fi owó pamọ́ mọ́. Bí owó bá ti wọlé, wọ́n á yá obìnrin tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa jí lọ sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè nìyẹn: owó tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ, ẹlòmíràn ti ń dúró dè é. Àwọn tí wọ́n jí bẹ́ẹ̀ wà níbí lálẹ́ yìí, mo ń wò yín.

"A ṣí àpótí wọn lánàá. A bá owó ogún náírà àtijọ́, alákọrí Múrítàlá, tí wọ́n fi aṣọ dì. Wọn ò jù ú nù fún ogójì ọdún. Àwa ọmọ-ọmọ ti pín in, ọ̀kọ̀ọ̀kan kan wa. Kò lè ra nǹkan kan lọ́jà, ṣùgbọ́n òun ni ogún wa. Màmá, ẹ sùn ire."

Ó parí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀ ni. Nígbà tí mo dé ibi onígbèsè, gbogbo àgbàlá pariwo ẹ̀rín, àwọn ìyá kan sì na ọwọ́ sókè pé àwọn nìyẹn. Nígbà tí mo dé ibi àpótí, ariwo rọlẹ̀. Mo jókòó lójú ẹsẹ̀, mi ò fi ìkankan kún un. Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó sanwó pátákó nìkan ló dìde wá bá mi. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ nípa agolo yẹn rí.

Ohun tó ká mi lára nìyí, ẹ̀yin ará. Gbogbo ìgbà tí Ìyá wà láàyè, ẹnì kankan nínú wa ò bi wọ́n pé, "Màmá, kí ló dé tí ẹ kì í fi owó pamọ́?" Òkú wọn ló dá wa lóhùn. Àwọn tó yan ẹja pẹ̀lú wọn létí omi Ọ̀jọ́ ò pọ̀ mọ́. Ìyá tí mo lọ jókòó tì yẹn ti ń gbàgbé orúkọ. Bí ìyá tiyín bá wà nílé, ẹ wá ọ̀sán kan lọ bá wọn. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe nígbà tí mọ́tò yí ọwọ́ padà, àti pé níbo ni wọ́n fi owó sí lọ́dún 1984. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.