Àwòrán Alámì Ti Wà Ṣáájú Kọ̀ǹpútà

Àwòrán alámì ni àwòrán tí a fi lẹ́tà, nọ́ńbà àti àwọn àmì ojú kíbọ́ọ̀dù tò, láìlo kálámù tàbí ọ̀dà. Ìtàn tó gbòde nípa rẹ̀ ni pé inú kọ̀ǹpútà ló ti ṣẹ̀. Wọ́n ní Scott Fahlman, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982, nígbà tó dábàá pé kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa fi `:-)` sí ìdí ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í gbọ́. Òótọ́ ni pé Fahlman mú àbá náà wá. Ohun tí kì í ṣe òótọ́ ni pé ibẹ̀ ni àwòrán alámì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1898, obìnrin akọ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Flora Stacey, ti fi taipuráítà ya labalábá. Ohun tó mú kí èyí ṣeé ṣe wà nínú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Bọ́tìnnì yòówù tí a bá tẹ̀, ìwọ̀n kan náà ni bébà máa ń sún. Ààyè tí `i` gbà ni `W` náà gbà, ààyè kan náà ni àlàfo sì gbà. Lórí ọ̀pọ̀ taipuráítà, ààyè ọ̀hún jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ínṣì ní fífẹ̀, ìlà mẹ́fà sì ń wọ ínṣì kan lóròó. Bébà ti di ojú ọpọ́n tí a pín sí ààyè kéékèèké, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sì lè ka iye ààyè kó tó fi àmì síbẹ̀. Ibi tí ọ̀nà yìí ti ṣẹ̀ gan-an nìyẹn, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan nítòsí.

Lẹ́yìn taipuráítà ni tẹlitáìpù dé, ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ tó bá gba orí wáyà tàbí rédíò wọlé. Àwọn tó fẹ́ràn rédíò a máa lu àwòrán sára bébà tẹ́ẹ́rẹ́, wọn a sì fi ránṣẹ́ síra wọn lójú afẹ́fẹ́. Ìṣísẹ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí ni tẹ́mínà kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé. VT100 tó jáde ní ọdún 1978 ní ìlà 24, ààyè 80 sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, dọ́gbadọ́gba. Ohun tí tẹ́mínà yí padà ni pé ó mú ìdíwọ́ kan wá: lórí bébà, a lè tẹ àmì kan lé òmíràn kí ó lè dúdú sí i, ṣùgbọ́n lójú tẹ́mínà, àmì tuntun ń pa ti àtijọ́ rẹ́ ni.

Ẹ wo ilé kékeré yìí:

```
   /\
  /  \
 /____\
 | [] |
 |____|
```

Àmì 32 ló wà nínú rẹ̀, àlàfo náà wà lára wọn. Tí a bá fi òpin ìlà márùn-ún kún un, ó di 37. Gbogbo wọn wà nínú òfin ASCII, tó ní àmì 95 tó ṣeé tẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ lásán ni ilé náà jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà: kò sí fáìlì àwòrán tí a so mọ́ ọn, kò sì sí ètò àkànṣe tí ẹni tó gbà á nílò láti ṣí i.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni fọ́ńtì tí ààyè lẹ́tà rẹ̀ kò dọ́gba. Nínú Arial, fífẹ̀ `_` jẹ́ ìlọ́po méjì fífẹ̀ àlàfo. Ilẹ̀ ilé àti ìsàlẹ̀ òrùlé, tí a fi `_` ṣe, yóò gùn. Ìlà tí fèrèsé wà, tí kò ní `_` kankan, kò ní gùn bẹ́ẹ̀. Ṣóńṣó òrùlé yóò wọ́ sí apá òsì, ògiri ọ̀tún yóò sì já kúrò lórí ilẹ̀. Bí àwòrán bá rí báyìí, kò sí àmì tó sọnù nínú rẹ̀. Tí a bá yí fọ́ńtì sí Courier, ilé náà yóò tún dúró. Ṣùgbọ́n tí ètò kan bá ti ń sọ àlàfo púpọ̀ di ẹyọ kan, ìbàjẹ́ gidi nìyẹn, nítorí àlàfo wà lára àwòrán bí `/` ṣe wà lára rẹ̀.

Èyí gan-an ló fi hàn pé ọ̀tọ̀ ni `:-)` Fahlman. Orí ìlà kan ṣoṣo ló wà, kò sí ìlà lókè tàbí nísàlẹ̀ tó gbọ́dọ̀ bá a dọ́gba, kò sì sí fọ́ńtì tó lè tú u ká. Àmì ìmọ̀lára tí a ń kà bí ọ̀rọ̀ ni. Àwọn tó pè é ní baba àwòrán alámì da nǹkan méjì pọ̀, wọ́n sì gba iṣẹ́ Stacey àti àwọn atẹ̀wé ìgbà rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Àmì 95 ti ASCII náà ní ibi tí agbára wọn mọ. Kò sí `ọ̀` nínú wọn. Ààyè kan ni lẹ́tà yìí ń gbà lójú tẹ́mínà tó bá mọ̀ ọ́n hàn dáadáa, ṣùgbọ́n nínú UTF-8, báìtì márùn-ún ló ń jẹ́. Ètò tó bá ń ka báìtì dípò ààyè yóò fi àlàfo tó kéré jù sẹ́yìn rẹ̀, etí ọ̀tún àpótí tí a yà yí orúkọ Yorùbá ká yóò sì wọ́ wọnú.